Ohun Tí Téèpù Kò Sọ

Abẹ́ agboòrùn ńlá kan ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Mọ́níyà n'Ìbàdàn, pẹ̀lú maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan, áyọ́ọ̀nù eléèédú àti àpótí tí mò ń jókòó lé. Bí òjò bá ṣú, orí maṣíìnì ni mo kọ́kọ́ máa ń fi ọ̀rá bò kí n tó wá ibi tí èmi fúnra mi yóò sá sí. Omi tó bá dé ilé bọ́bìnì yóò mú un dípẹtà, ibi tó bá sì ti dípẹtà ni òwú yóò máa já sí.

Àtúnṣe aṣọ ni wọ́n ń gbé wá fún mi nígbà náà. Sípù tó bàjẹ́, ṣòkòtò tó gùn jù, bùbá tí olówó rẹ̀ ti sanra jù ú lọ. Inú iṣẹ́ yìí, tí ọ̀pọ̀ aránṣọ kì í fẹ́ fọwọ́ kàn, ni mo ti mọ aṣọ. Èmi tó ń fi abẹ tú iṣẹ́ ẹlòmíràn, inú aṣọ ni mò ń wò. Mo rí ibi tí aránṣọ kan ti fi ínṣì kan sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tó fi ṣeé tú fún obìnrin náà nígbà tó bímọ tán. Mo sì rí ibi tí òmíràn ti gé e mọ́ ojú òwú, tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí ṣe sí i mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń yí aṣọ sódì kí n tó sọ pé ó dáa.

Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ òwú. Bí òwú bá ń ta kókó lábẹ́ aṣọ, ẹ má wulẹ̀ tú bọ́bìnì, òkè ni ẹjọ́ wà: òwú òkè dẹ̀ jù, tàbí wọn kò fi í gba ibi tó yẹ kó gbà. Bí òwú bọ́bìnì bá sì ń yọjú sókè, òwú òkè ti fún jù nìyẹn. Àmọ́ bí maṣíìnì bá ń fo aṣọ, tó ń rán ibì kan tó ń fi ibì kan sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ kí ẹ tó ránṣẹ́ pe alátùn-únṣe.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ni mo gba ìsọ̀ onípákó kan nítòsí ibẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ méjì dé, mo ra maṣíìnì tí ń gba etí aṣọ, èyí tí àwa ń pè ní wífìn. Ó tún pẹ́ díẹ̀ kí n tó gba yàrá méjì tó so pọ̀, kí n sì gba àbúrò kan láti Ìṣẹ́yìn, tó ti gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, síṣẹ́ olówó oṣù. Ọmọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Ọmọ iṣẹ́, mo lè dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí mò ń sanwó fún, tí mo bá ní láti dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ni mo sanwó fún?

Ibẹ̀ ni ìwé mi ti dá mi lẹ́jọ́. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń gé aṣọ fúnra mi, iye tí téèpù bá kà nìkan ni mò ń kọ sílẹ̀: àyà 42, ìdí 46, ọwọ́ 15. Tí mo bá dé orí tábìlì, ṣọ́ọ̀kì mi ni yóò fi èyí tó kù kún un, láìjẹ́ pé mo rò ó. Ọ̀sẹ̀ tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́wàá, mo lọ sí Gbági lọ ra gọ́ọ̀mù àti láínì. Mo ní kí àbúrò yìí bá mi gé bùbá mẹ́ta, kó máa wo ìwé. Ó sì wo ìwé. Ó pín 42 sí mẹ́rin, ó rí 10½, ó gé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Màmá tó ni àyà 42 yẹn dé, wọ́n wọ aṣọ, sípù kọ̀ láti gòkè. Wọ́n wò mí nínú dígí. "Ọmọ mi, ṣé èmi náà lo wọn aṣọ yìí fún?"

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo tú aṣọ sílẹ̀ lórí tábìlì, mo sì pe àbúrò yìí kí a jọ ka ohun tó ṣẹlẹ̀. Abala mẹ́rin ló wà, 10½ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 42. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti jẹ ínṣì méjì, sípù ẹ̀yìn jẹ ọ̀kan. Ó ku 39, a sì fẹ́ wọ̀ ọ́ fún ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 42, tó tún gbọ́dọ̀ mí, tó gbọ́dọ̀ na ọwọ́ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Aṣọ yẹn kò gbọdọ̀ dín ní 44 tí a bá rán an tán.

Ínṣì márùn-ún la ń wá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àńkárà ni, ìró náà sì ṣẹ́kù. A gé ọ̀já méjì tí fífẹ̀ wọn jẹ́ 3½, a fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ láti abẹ́ abíyá dé ìsàlẹ̀. Ìrán mú ínṣì kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 2½ ṣẹ́kù lọ́tùn-ún, 2½ lósì. A to òdòdó inú aṣọ bára mu, ó dà bíi pé bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹ́ ẹ. Àwọn méjì yòókù la ṣe bẹ́ẹ̀ gbà là. Ká ní léèsì ni, n kò mọ ibi tí a ì bá ti rí irú rẹ̀.

N kò bá ọmọ náà wí. Ohun tí mo kọ ló ṣe. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fa ìlà sí àárín ìwé mi: iye ara lápá òsì, iye gígé lápá ọ̀tún. Níwájú àyà 42, mo kọ 12 fún iwájú, 12½ fún ẹ̀yìn. Nínú 12 yẹn, 10½ jẹ́ ara, ààbọ̀ ínṣì jẹ́ àyè mímí, ínṣì kan jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́, tí a máa fi pamọ́ sínú fún ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá sanra. Ààbọ̀ tó lé lẹ́yìn jẹ́ ti sípù. Mo sì fi pín-ìn so ègé aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú ewé rẹ̀, kí ẹni tó ń gé má baà ṣi aṣọ mú. Fún ọrùn àti abíyá, mo gé pátánì láti ara bébà àpò sìmẹ́ǹtì, mo so wọ́n kọ́ ìṣó lára ògiri.

Ó ṣòro fún mi ju ríra maṣíìnì lọ. Gbogbo ohun tí ọwọ́ mi mọ̀, mo ní láti bi í léèrè kí n tó lè kọ ọ́.

Aránṣọ mẹ́ta ni mo gbà lẹ́yìn ìyẹn, mo sì kọ́kọ́ ń sanwó fún wọn ní iye aṣọ tí wọ́n bá rán. Iṣẹ́ yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹ̀gbẹ́ aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo gbé téèpù lé ojú ìrán, mo kà á: òwú mẹ́fà nínú ínṣì kan, níbi tí mo ti fẹ́ mẹ́wàá sí méjìlá lórí àńkárà. Wọ́n ti yí bọ́tìnì maṣíìnì kí ìgbésẹ̀ abẹ́rẹ́ lè gùn, kí aṣọ lè tètè tán. Mo dá wọn padà sí owó oṣù, mo fi díẹ̀ lé e fún ọ̀sẹ̀ tí aṣọ ẹbí bá pọ̀. Aṣọ tí òwú rẹ̀ kò bá pé, ẹni tó rán an ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Títú pẹ́ ju rírán lọ, gbogbo wọn ló mọ̀.

Mo ṣì ń wọn ara oníbàárà fúnra mi, torí ojú mi ń rí èjìká tó ga ju ìkejì lọ, téèpù kì í sọ ìyẹn. Gígé ti kúrò lọ́wọ́ mi. Lánàá, àbúrò ará Ìṣẹ́yìn yẹn gé bùbá léèsì kan, òmíràn rán an, n kò fọwọ́ kan ibì kankan nínú rẹ̀. Mo gbà á lórí hángà, mo yí i sódì, mo wo ẹ̀gbẹ́. Ínṣì kan wà níbẹ̀, ó tẹ́jú láti abíyá dé ìsàlẹ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́ dáadáa. Mo yí i padà, mo sì gbé e kọ́.