Ìpínrọ̀ Ìkùdíẹ̀-Káàtó Nínú Ìwádìí Ilé Ìwòsàn Kan Ṣoṣo: Àpẹẹrẹ láti Ìdànrè

1. Ìfáárà

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí kékeré tí a ṣe ní ilé ìwòsàn kan ṣoṣo, ìpínrọ̀ kan wà ní ìparí ìjíròrò tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í sábà yàtọ̀. Yóò sọ pé àwọn tí a yẹ̀ wò kò pọ̀, pé ilé ìwòsàn kan ni a lò, àti pé ó yẹ kí àwọn mìíràn ṣe ìwádìí tí ó tóbi ju èyí lọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé a lè ṣí i kúrò nínú iṣẹ́ kan kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú bébà yìí ni pé ìpínrọ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó lè ṣi èsì lọ́nà, apá ibi tí ó lè gbé e sí, àti ohun tí ó ṣì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

2. Kíkéré yàtọ̀ sí ìtẹ̀sí

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀, èyí tí a fi ojú inú wò. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan yẹ ẹ̀jẹ̀ aboyún 60 wò ní ilé ìwòsàn kan ní Ìdànrè, tí ẹ̀jẹ̀ 24 nínú wọn kò sì tó. Ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bí a bá ṣírò bí oríire lásán ṣe lè gbé iye yìí sókè tàbí sílẹ̀, a ó rí i pé òtítọ́ lè wà níbikíbi láàárín nǹkan bí 29 sí 53. Bí aboyún bá jẹ́ 240, àyè náà yóò sún kì sí nǹkan bí 34 sí 46. Ìyẹn ni ìwọ̀sàn fún kíkéré.

Ṣùgbọ́n pípọ̀ kò wo ìtẹ̀sí sàn. Kelsey Harrison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ ìbímọ 22,774 ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Zaria láàárín 1976 sí 1979, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1985. Pẹ̀lú bí iye náà ti pọ̀ tó, ìbímọ ilé ìwòsàn ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó fún iṣẹ́ náà ní agbára ni pé wọ́n ya àwọn tí ó ti forúkọ sílẹ̀ nígbà oyún sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí a kàn gbé wá nígbà tí wàhálà dé. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yìn yìí ni ikú pọ̀ sí jù.

3. Apá wo ni èsì tẹ̀ sí?

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Oko tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kò dé ni abà kòkó tí ó jìnnà sí ìlú, níbi tí aboyún lè bímọ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ láìdé ilé ìwòsàn. Bí ibà bá ń yọ wọ́n lẹ́nu tí wọn kò sì rí oògùn ẹ̀jẹ̀ lò, èsì 40 kéré sí òtítọ́. Ní ìdà kejì, òòyì àti àárẹ̀ ni ó gbé àwọn mìíràn wá sí ilé ìwòsàn; àwọn wọ̀nyí lè mú kí èsì ga ju òtítọ́ lọ.

Rẹ́jísítà lè tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí kejì. Ká ní ó fi hàn pé 45 wá forúkọ sílẹ̀ lásán, tí ẹ̀jẹ̀ 14 nínú wọn kò tó. Pé àìsàn ni ó gbé 15 yòókù wá, tí ẹ̀jẹ̀ 10 kò tó. Ìpín ti àkọ́kọ́ jẹ́ 31, ti èkejì jẹ́ 67. Ó hàn gbangba pé àwọn aláìsàn ni ó fa iye náà sókè sí 40. Ní ti àwọn ará abà tí kò wá rárá, rẹ́jísítà kò lè sọ nǹkan kan.

4. Àtúnkọ

Ìpínrọ̀ náà lè wá kà báyìí: "Ìdá mẹ́rin kan àwọn tí a yẹ̀ wò ni àìsàn gbé wá, nítorí náà ìpín 40 ga ju ti àwọn tí ó wá forúkọ sílẹ̀ lásán lọ, èyí tí ó jẹ́ 31, tí òtítọ́ rẹ̀ sì lè wà láàárín nǹkan bí 20 sí 46. A kò rí àwọn aboyún abà tí kì í wá. Bí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ láàárín wọn jù, iye ti àdúgbò lápapọ̀ ga ju 31 lọ. Èsì yìí kì í ṣe iye ti ìlú Ìdànrè."

5. Ìkádìí

Àléébù kejì tí ó yẹ kí a yẹra fún ni pé kí ìpínrọ̀ náà tẹríba títí tí kò fi ní kù nǹkan kan fún òǹkàwé. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí a tilẹ̀ mú ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀, nǹkan bí aboyún kan nínú márùn-ún tí ó wá forúkọ sílẹ̀ lásán ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ìyẹn tó láti dábàá pé kí ilé ìwòsàn náà máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo aboyún wò lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀. Kò tó láti fi pín oògùn fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Ibi tí ìlà yẹn wà gan-an ni ìpínrọ̀ náà wà fún láti fi han òǹkàwé.