Ìbéèrè Lẹ́yìn Àlọ́ Ìjàpá àti Àsèjẹ

Àlọ́ onítàn yàtọ̀ sí àlọ́ àpamọ̀, nítorí pé ìbéèrè àti ìdáhùn ni àlọ́ àpamọ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí apàlọ́ bá ń pa àlọ́ onítàn, gbígbọ́ ni iṣẹ́ àwọn ọmọ, àti gbígbe orin bí orin bá dé. Nígbà tí àlọ́ wọ inú kíláàsì ni ìbéèrè tẹ̀ lé e, tí ó sì di dandan kí olùkọ́ mọ̀ bóyá ọmọ mọ ìtẹ̀léǹtẹ̀lé ìṣẹ̀lẹ̀, ìyẹn ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó kẹ́yìn, bóyá ó mọ àwọn ẹ̀dá ìtàn, ìyẹn àwọn tí ìtàn ń sọ nípa wọn àti ìwà wọn, àti bóyá ó rí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni àgbà olùkọ́ fi ń wọn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀: ọmọ tí kò gbọ́ àlọ́ náà kò gbọdọ̀ lè dáhùn rẹ̀, ọmọ tí ó gbọ́ tí ó sì yé e kò gbọdọ̀ ṣì í. Ó jọ ohun tí ó rọrùn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìbéèrè tí ó wà lára pátákó ìkọ̀wé kò lè la ìwọ̀n yìí kọjá.

Àlọ́ tí ó dára jù láti fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ni ti Ìjàpá àti àsèjẹ. Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ń wá ọmọ, ó sì rọ ọkọ rẹ̀ pé kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ babaláwo. Babaláwo se àsèjẹ, ìyẹn oògùn tí a sè bí ọbẹ̀ fún jíjẹ, ó kìlọ̀ fún Ìjàpá pé obìnrin nìkan ni ó wà fún, pé kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu rárá, kí ó tó gbé ìkòkò àsèjẹ lé e lọ́wọ́. Lójú ọ̀nà, òórùn ọbẹ̀ náà ta sánsán sí Ìjàpá nímú, ó gbé ìkòkò kalẹ̀ sí abẹ́ igi, ó tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò, títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó sáré padà sí ọ̀dọ̀ babaláwo, ó ń kọrin ẹ̀bẹ̀, babaláwo sì dá a lóhùn pé oògùn náà kò ní ẹ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá ṣe kú. Ìparí àlọ́ yìí kò dọ́gba níbi gbogbo; àwọn mìíràn a máa jẹ́ kí Ìjàpá yè. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a kọ ẹ̀dà tí òun fẹ́ pa sílẹ̀ kí ó tó bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, kí ọmọ tí ó gbọ́ ẹ̀dà mìíràn lẹ́nu ìyá àgbà má baà kùnà nítorí pé ìyá àgbà rẹ̀ mọ àlọ́.

Lórí ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a da gbólóhùn bíi mélòó kan rú, kí ọmọ sì tò wọ́n. Àṣìṣe tí ó máa ń wà níbẹ̀ ni yíyan ìṣẹ̀lẹ̀ tí làákàyè lásán lè tò. Bí a bá kọ ọ́ pé Ìjàpá jẹ àsèjẹ, pé ikùn rẹ̀ wú, pé ó padà lọ bẹ babaláwo, ọmọ tí ó sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ àlọ́ dé òpin rẹ̀ yóò tò ó láìṣì, nítorí pé ikùn kì í wú kí ènìyàn tó jẹun tí ó wú u. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó yẹ kí a yàn ni èyí tí ó jẹ́ pé àlọ́ nìkan ni ó fi í sí ipò rẹ̀. Ẹ wo márùn-ún wọ̀nyí: (a) Babaláwo kìlọ̀ fún Ìjàpá. (b) Ìjàpá gba ìkòkò. (d) Òórùn ọbẹ̀ dé imú Ìjàpá. (e) Ìjàpá gbé ìkòkò kalẹ̀ sí abẹ́ igi. (ẹ) Ìjàpá jẹ àsèjẹ tán. Kò sí ohun tí ó ní kí ìkìlọ̀ má kẹ́yìn gbígba ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ní kí òórùn ṣáájú abẹ́ igi, àfi bí apàlọ́ ṣe sọ ọ́. Ipò òórùn yìí gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, nítorí pé bí Ìjàpá bá ti jókòó kí òórùn tó ta á, àárẹ̀ ni ó dá a dúró, ṣùgbọ́n bí òórùn bá ṣáájú, ọ̀fun rẹ̀ ni ó dá a dúró, ọmọ tí ó bá sì tò ó bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ irú ẹni tí Ìjàpá jẹ́.

Èdè gbólóhùn náà tún lè tú àṣírí. Bí olùkọ́ bá kọ “Ó gbé e kalẹ̀” sí ibi kan, ọmọ á mọ̀ pé gbólóhùn tí ó dárúkọ Ìjàpá àti ìkòkò ti ní láti ṣáájú. Bí ó bá kọ “ìkòkò náà”, ọ̀rọ̀ kékeré tí ó gbẹ̀yìn yìí ti sọ pé a ti mẹ́nu kan ìkòkò rí. “Lẹ́yìn èyí” àti “nígbà tí ó padà” kò sì fi ohunkóhun pamọ́ rárá. Orúkọ ni kí a máa pè ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ mú kí ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ létí.

Bí a ṣe ń fún ọmọ ní máàkì ni ó tún yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń ṣe àṣìṣe jù. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni a, b, d, e, ẹ. Bí ọmọ kan bá kọ b, d, e, ẹ, a, tí olùkọ́ sì ń wo ipò kọ̀ọ̀kan, òdo ni ọmọ náà gbà nínú márùn-ún, nítorí pé kò sí lẹ́tà kankan tí ó wà ní ipò rẹ̀. Ẹlòmíràn kọ a, e, d, b, ẹ, ó sì gba mẹ́ta nínú márùn-ún, nígbà tí ohun tí ó ń sọ ni pé Ìjàpá gbé ìkòkò kalẹ̀ sí abẹ́ igi kí babaláwo tó fún un ní ìkòkò. Ìkìlọ̀ nìkan ni ó ṣí nípò lọ́wọ́ ọmọ àkọ́kọ́. Gbogbo àlọ́ ni ó dàrú mọ́ ọmọ kejì lọ́wọ́. Ohun tí ó lè tún èyí ṣe ni kí a máa wo ìsopọ̀, ìyẹn ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn: a sí b, b sí d, d sí e, e sí ẹ. Ìsopọ̀ mẹ́rin ni ó wà nínú márùn-ún. Ọmọ àkọ́kọ́ ní mẹ́ta nínú wọn, ọmọ kejì kò ní ẹyọ kan.

Ní ti ẹ̀dá ìtàn, ìbéèrè tí ó wọ́pọ̀ jù ni “Irú ẹ̀dá wo ni Ìjàpá?” Ìbéèrè yìí kò wúlò púpọ̀. Gbogbo ọmọ tí ó ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá méjì rí ni ó mọ̀ pé ọ̀kánjúwà àti alárékérekè ni, kò sì nílò àlọ́ tòní láti sọ bẹ́ẹ̀. Kí a bi í pé kí ni Ìjàpá ṣe tí ó fi ìwà bẹ́ẹ̀ hàn sàn díẹ̀, nítorí pé yóò ní láti mú ẹ̀rí wá láti inú àlọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ibi tí àlọ́ yìí ti dùn mọ́ ẹni tí ó ń ṣe ìbéèrè ni orin. Nínú orin ẹ̀bẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ń gbè, Ìjàpá kò jẹ́wọ́ pé òun jẹ àsèjẹ. Ohun tí ó sọ ni pé gbòǹgbò yọ òun ṣubú, pé ọwọ́ òun kan ilẹ̀, pé ọwọ́ yẹn ni òun fi kan ẹnu. Apàlọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, orin sọ ohun tí Ìjàpá fẹ́ kí babaláwo gbà gbọ́, àwọn ọmọ sì ti gbe irọ́ náà tayọ̀tayọ̀ láìfura. Láti inú èyí ni ìbéèrè mẹ́ta ti jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gun orí èkejì: “Gẹ́gẹ́ bí Ìjàpá ṣe sọ nínú orin, báwo ni oògùn ṣe dé ẹnu rẹ̀?” “Báwo ni ó ṣe dé ẹnu rẹ̀ ní tòótọ́?” “Kí ni ìdí tí Ìjàpá fi yí ọ̀rọ̀ padà?” Ọmọ tí ó gbọ́ orin nìkan yóò dúró sí ti àkọ́kọ́. Èyí tí ó gbọ́ ìtàn yóò dé ti kejì. Ẹni tí ó bá dé ti kẹta ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn apàlọ́ àti ohùn ẹ̀dá inú ìtàn, èyí tí àwọn àgbàlagbà mìíràn pàápàá kò tíì mọ̀ dáadáa.

Kí olùkọ́ ṣọ́ra, síbẹ̀, kí ìbéèrè kan má dáhùn òmíràn. Bí ìbéèrè kẹfà bá sọ pé “Nígbà tí Ìjàpá jẹ àsèjẹ tán lábẹ́ igi...”, ó ti tú ìdáhùn ìbéèrè kejì síta, ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ ka gbogbo ìwé náà dé ìsàlẹ̀ yóò sì rí i.

Ẹ̀kọ́ inú àlọ́ ni ó ṣòro jù láti dán wò, nítorí pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni ó máa ń bà á jẹ́. Ó parí àlọ́, ó sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì yíjú padà ó béèrè ẹ̀kọ́ kan náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì pariwo rẹ̀ padà fún un. Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni wọ́n rántí. Kí a pa ẹnu mọ́ lórí ẹ̀kọ́ títí ìbéèrè yóò fi parí, kí a sì fi ọ̀ràn mìíràn, tí kò sí Ìjàpá nínú rẹ̀, síwájú wọn. Fún kíláàsì karùn-ún, a lè béèrè èwo nínú mẹ́ta wọ̀nyí ni ó ṣe bí Ìjàpá: ọmọ tí ó jẹ iyán ara rẹ̀ ní àjẹjù tí inú fi ń run ún, ọmọ tí owó bọ́ nù lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí ó ti ń sáré, tàbí ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ní owó ìwé pa mọ́ tí ó sì fi ra bisikíìtì. Inú rírun jọ ikùn tí ó wú, ìdí nìyẹn tí ọmọ tí ó gbọ́ ìtàn lóréfèé yóò fi yan ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé ohun oníǹkan ni Ìjàpá jẹ yóò yan ti ẹ̀kẹta.

Bí a bá sì fẹ́ kí ọmọ sọ ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, kí a pín máàkì méjì fún un: ọ̀kan fún ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó fi gbè é lẹ́yìn. Àlọ́ yìí gba ojú kòkòrò, ó gba àìgbọràn, ó gba irọ́, kò sì yẹ kí ọ̀kan ṣoṣo máa gba máàkì nítorí pé òun ni ó wà nínú ìwé olùkọ́. Ọmọ kan lè kọ ọ́ pé kí a má fi oúnjẹ olóòórùn dídùn rán ẹni tí a mọ̀ pé ọ̀fun rẹ̀ kò ní ìjánu, pé babaláwo ìbá pe Yánníbo kí ó wá gbà á fúnra rẹ̀. Bí ó bá tọ́ka sí ibi tí babaláwo ti gbé ìkòkò lé Ìjàpá lọ́wọ́, máàkì rẹ̀ pé méjì.