Ẹlẹ́rìí Tó Ti Jẹ Gàrí Tán: Lámèyítọ́ Lórí Ẹ̀rí Oníbàárà Nínú Ìpolówó

Ẹni tó fẹ́ ra gàrí ní Manigri kò nílò ẹlẹ́rìí kó tó mọ̀ bóyá ó kan. Á bu díẹ̀ sẹ́nu, á gbọ́ bó ṣe ń rún lábẹ́ eyín, á sì mọ̀ bóyá iná jẹ ẹ́ dáadáa. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń wú, á da díẹ̀ sínú ife, á bomi sí i. Gàrí tó dára á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹnu àti ojú olùrà ti dá ẹjọ́ yẹn. Síbẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ oníbàárà tí àwọn tó ń di gàrí sí ọ̀rá máa ń mú jáde: “ó dùn,” “ó kan,” “ó ń wú.” Wọ́n ń pe ẹlẹ́rìí síbi tí kò sí ẹjọ́.

Ìpamọ́ ni ẹjọ́ wà. Omi tó ṣẹ́kù nínú gàrí ló ń bà á jẹ́. Ìlànà oúnjẹ àgbáyé, Codex, kò fẹ́ kó ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lè dùn lẹ́nu lónìí, àmọ́ bí òjò bá dé, á ṣù, á sì bu. Kò sẹ́ni tó lè tọ́ oṣù mẹ́ta wò lójú ọjà. Ẹni tó ti rà á, tó ti gbé e pamọ́, tó sì ti jẹ ẹ́ tán nìkan ló mọ bó ṣe rí. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀rí oníbàárà ti níṣẹ́ ṣe.

Ká ní ìyá olóúnjẹ kan ní Parakou ra àpò méjì lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Manigri, tó wá sọ fún wọn pé: “Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni mo rà á. Àpò kìíní tètè tán. Mo gbé èkejì sórí pákó, mo fi ọ̀rá bò ó, inú oṣù Èbìbí ni mo tó tú u. Kò bu o, àmọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣù díẹ̀.” Ọ̀pọ̀ oníṣòwò á gé gbogbo èyí kù sí “Gàrí yín dára púpọ̀, ẹ kú iṣẹ́!” Wọ́n ti ju ẹ̀rí nù, oríkì ni wọ́n mú. Oríkì ní ipò tirẹ̀ nínú ìpolówó ọjà Yorùbá: ẹni tó ń kiri ló ń ki ọjà rẹ̀, gbogbo wa sì mọ̀ pé òun ló ń kì í. Àbùkù ibẹ̀ ni kí a gba oríkì yẹn lẹ́nu ọlọ́jà, kí a fi sẹ́nu oníbàárà.

Ní tèmi, “Oṣù mẹ́rin, kò bu” ni ǹ bá kọ gàdàgbà sára ọ̀rá náà, kí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn tẹ̀ lé e bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀: oṣù tó rà á, pákó, ọ̀rá, títí dórí ìsàlẹ̀ tó ṣù. Ìṣù yẹn ló ń jẹ́ ká gba ìyókù gbọ́. Ó tún ń kọ́ ẹni tó ń gbé Kútọ̀nú, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti tutù, pé kó má gbé tirẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ti oògùn yàtọ̀, torí ẹni tó lò ó pàápàá kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé oògùn náà ló wo òun. Ọ̀fìnkìn á lọ fúnra rẹ̀. Ní 1891, ilé-iṣẹ́ Carbolic Smoke Ball ní Lọ́ńdọ̀nù polówó bọ́ọ̀lù rọ́bà kan tí wọ́n ń fa èéfín rẹ̀ símú. Wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ti tà, pé kò sì sí ẹnì kan tí àwọn mọ̀ tó lò ó tí àrùn gágá mú. Wọ́n ṣèlérí 100 pọ́n-ùn fún ẹni tó bá mú. Louisa Carlill lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún nǹkan bí oṣù méjì, àrùn náà sì mú un ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1892. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n san owó náà. Ohun tí ọlọ́jà náà ṣe lẹ́yìn èyí ló yà mí lẹ́nu jù: ó gbé ìpolówó tuntun jáde pé èèyàn mẹ́ta péré ló wá béèrè owó náà, èyí sì fi hàn pé oògùn òun ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ nípa ẹ̀bùn náà, ẹni tí kò retí pé wọ́n á san án, ẹni tí àrùn pa: ó ka gbogbo wọn mọ́ àwọn tí oògùn wò.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ náà, lẹ́nu àwọn tó ní àwọn rí ìwòsàn, ló mú kí NBC, àjọ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ní Nàìjíríà, sọ ní 2004 pé kí tẹlifíṣàn má gbé iṣẹ́ ìyanu tí a kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí a kò gbọ́ ohùn wọn yìí kan gàrí náà: ẹni tó bá padà wá rà á nìkan ni ọlọ́jà ń rí bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan gàrí, kí ẹ tó tẹ ẹ̀rí kankan sára ọ̀rá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá ẹni tó rà á lẹ́ẹ̀kan tí kò padà mọ́, kí ẹ sì bi í bí gàrí náà ṣe rí nígbà tó tú u.