Nọ́ńbà Kan, Orin Méjì

Lálẹ́ ìsìn orin tí a ṣe fún ìyá àgbà wa ní Èkó, ẹni tó ń darí ètò pe nọ́ńbà orin kan, gbogbo wa sì ṣí ìwé. Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó jókòó lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ orin ìrọ̀lẹ́. Lápá òsì, àwọn ìyá Séráfù tó wọ aṣọ funfun ṣí nọ́ńbà kan náà nínú ìwé tiwọn, wọ́n bá orin ìkórè pàdé, wọ́n sì gbé e. Ìlà méjì péré ni wọ́n kọ kí gbogbo rẹ̀ tó dàrú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní kí wọ́n fi orin sílẹ̀, kí wọ́n gbàdúrà.

Àwa ọmọọmọ mẹ́ta la tẹ ìwé ètò ọjọ́ yẹn. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: àwọn àgbà á jiyàn lórí orin, àwa tí a ní kọ̀ǹpútà la ó tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà àṣìṣe náà jẹ́ tiwa. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí a gbé ìyá lọ sílé fún ìsìnkú, a sì ní láti ka ìwé tí a fúnra wa ṣe, kí a wo ibi tó ti bàjẹ́. Lójú tiwa, ìwé ni ìwé ètò ìsìnkú bí ìwé yòókù. Ó ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ní àwọn tó ń kà á, a sì lè sọ pé ó dára tàbí kò dára.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ìyá àgbà ti wà nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù láti ìgbà tó ti jẹ́ ọ̀dọ́. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ Áńgílíkà, àwọn ọmọ sì tẹ̀lé bàbá, àfi àbúrò bàbá wa obìnrin tó ti wà nínú ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tí ìyá kú, àwọn ọmọ pàdé, wọ́n sì mú orin mẹ́fà. Gbogbo wọn pátá ló wá láti inú ìwé orin Áńgílíkà. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi ìyá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Orin tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n mú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ka ìwé náà láìmọ ìyá, ẹ ó rò pé Áńgílíkà ni wọ́n ń sin. Àìdáa àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn: àwọn ọmọ ni ìwé náà ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, kì í ṣe òkú.

Nígbà tí a wá padà sílé ìyá, a gbé ìwé orin rẹ̀ wò. Ó ti gbó, ó ti já lẹ́yìn, igun ojú ewé mẹ́sàn-án sì wà níbẹ̀ tó ti ká wọlé. A mú un lọ bá ìyá kan nínú ìjọ rẹ̀, ó wò ó, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ wo òkè orin ná.” Lóòótọ́, lórí ọ̀pọ̀ orin nínú ìwé Séráfù, wọ́n kọ lẹ́tà C.M.S. pẹ̀lú nọ́ńbà kan síbẹ̀. Nọ́ńbà orin yẹn nínú ìwé orin àwọn ìjọ Áńgílíkà ni.

Ìtàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1925 tí Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá Séráfù sílẹ̀ ní Èkó, ẹgbẹ́ àdúrà ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Àwọn ènìyàn ń wá síbẹ̀ láti inú àwọn ìjọ míṣọ́nnárì, wọ́n sì gbé orin tí wọ́n mọ̀ dání. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi tiwọn kún un. Nítorí náà ìjà tí a rò pé ó wà láàárín ìwé méjì, ìdajì rẹ̀ ni kò sí. Nínú orin mẹ́sàn-án tí ìyá ká igun rẹ̀, mẹ́fà ló ní nọ́ńbà C.M.S. lórí. Orin Áńgílíkà ni ìyá ń kọ nínú aṣọ funfun, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ̀.

A kò wá sáré tẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà o. A fi ìwé méjèèjì síwájú, a kà wọ́n ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin bára mu. Èkarùn-ún ní ẹsẹ márùn-ún nínú ìwé kan, mẹ́rin nínú èkejì. Nínú ẹ̀kẹfà, ọ̀rọ̀ ìlà méjì yàtọ̀. Ohun kékeré ni lójú, àmọ́ tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ń kọ ìlà kan, tí ọgọ́rùn-ún mìíràn ń kọ òmíràn, ariwo lásán ni ẹ ó gbọ́. Ìpinnu wa ni pé a kò ní tẹ nọ́ńbà nìkan mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ orin la ó tẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé ìyá, a ó sì kọ ọ́ lórí rẹ̀ pé “Ẹ má ṣí ìwé, ẹ kọ ọ́ láti ibí.” Ojú ewé mẹ́rin ló fi kún owó ìtẹ̀wé.

Ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ o, ohùn náà wà níbẹ̀. Lórí orin ẹ máa ń rí C.M. tàbí L.M. Iye sílébù inú ìlà ni ìyẹn ń sọ: C.M. jẹ́ 8, 6, 8, 6, L.M. jẹ́ 8 ní ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orin tó bá jẹ́ C.M. lè gba ohùn C.M. èyíkéyìí, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń wá. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìjọ kan ń kọ ọ́ sí ohùn yìí, èkejì ń kọ ọ́ sí òmíràn. Ìwé kò lè fi èyí hàn yín. Etí nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. A ní kí ìyá kan nínú ìjọ rẹ̀ kọ ẹsẹ àkọ́kọ́ orin kọ̀ọ̀kan sínú fóònù, a sì fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù sí atẹdùùrù ìjọ bàbá wa tí yóò bá wa lọ. Ó dá wa lóhùn pé méjì nínú rẹ̀, ohùn tí òun ń tẹ̀ sí i kọ́ nìyẹn. Ó kọ́ tuntun kí ọjọ́ náà tó pé. Ká ní a kò béèrè ni, iwájú pósí ìyá ni ìbá ti mọ̀.

Ó wá ku orin mẹ́ta tí kò ní nọ́ńbà C.M.S. Orin Séráfù gan-an nìyẹn, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti ìlù. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní àwọn yẹn kì í ṣe orin ìsìnkú gidi. Ibí yìí ni a ti bá a jiyàn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Inú ìjọ Áńgílíkà gan-an ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ń ṣe orin Yorùbá sí ohùn Yorùbá, tó sì kọ wọ́n sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. T. K. E. Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù ní kàtídírà Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ọ̀rọ̀ bí ohùn orin ṣe gbọ́dọ̀ bá ohùn èdè mu sì jẹ́ pàtàkì sí i. Ẹ wo “ọkọ”, “ọkọ́” àti “ọkọ̀”: tí ohùn orin òyìnbó bá fa ọ̀rọ̀ wálẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wálẹ̀, ìyàwó á máa sunkún ọkọ̀. Èyí tí wọ́n dá ní Yorùbá sábà máa ń tẹ̀lé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, nítorí náà àlejò á tètè gbá a mú. Nínú orin mẹ́ta ìyá, méjì jẹ́ èyí tí ẹnì kan ń lé, tí àwọn yòókù ń gbè. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí máa gbè é ní ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìkẹta ló fa ọ̀rọ̀ gidi. Ó pe orúkọ Máíkẹ́lì áńgẹ́lì, ẹni tí àwọn Séráfù kà sí balógun wọn. Àbúrò bàbá wa ní òun kò lè fi ẹnu òun pe áńgẹ́lì nínú orin, ẹ̀rí ọkàn òun kò gbà á. A kọ́kọ́ rò pé kí a yọ ẹsẹ yẹn kúrò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá inú ìjọ ni ó dá wa dúró: “Ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Àwa ti mọ̀ ọ́n sórí, a ó kọ ọ́.” Òótọ́ ni. Bí a bá yọ ọ́, wọ́n á kọ ọ́, ìwé wa á sì di irọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Tí wọn ò bá sì kọ ọ́, a ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òkú. Àbọ̀ tí a wá mú wá ni pé a tẹ orin náà pátá, a sì kọ sórí rẹ̀ pé “Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ìyá nìkan ni yóò kọ èyí.” Kò sí ẹni tí a fi dandan mú, kò sí ẹsẹ tó sọnù. Àbúrò bàbá wa gbà.

Ẹ má rò pé àwọn ọmọ kò rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀. Létí ibojì, “Wá bá mi gbé” ni a fi sí i, èyí tí Henry Francis Lyte, àlùfáà Áńgílíkà, kọ ní 1847, ọdún tó kú. Ìyá kò ká igun rẹ̀. Ṣùgbọ́n létí ibojì, kò sí ẹni tó ń di ìwé mú: ọwọ́ kan ń di àgbòrùn, èkejì ń bu yẹ̀pẹ̀, omijé sì ti bo ojú. Orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sórí nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èyí sì ni kan ṣoṣo tí ilé méjèèjì mọ̀ dé ẹsẹ ìkẹyìn pẹ̀lú ohùn kan náà.

Ohun kan wà tí ọ̀nà wa yìí kò lè yanjú. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Séráfù ni ìsìn ìyá ti wáyé, nítorí náà orin rẹ̀ kò ní ìdènà. Ká ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ ni, àlùfáà ibẹ̀ ló ní àṣẹ lórí ohun tí wọn á kọ nínú ìsìn, ó sì lè sọ pé rárá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a jà ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú. Ẹ gbé orin òkú lọ síbi tí àṣẹ ti jẹ́ ti ẹbí: ìsìn orin alẹ́ nínú ilé, ọ̀nà láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, àti àgbàlá lẹ́yìn ibojì. Ṣùgbọ́n ẹ bi àlùfáà léèrè kí ẹ tó gbé ìwé lọ sílé ìtẹ̀wé.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin gbé orin kẹta, àbúrò bàbá wa dìde dúró, ó di ìwé ètò mú, kò ya ẹnu. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni ó yà wá lẹ́nu, òun tó ní kì í ṣe orin gidi. Ó gbè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì wo ìwé rárá. Lẹ́yìn náà la bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ. Ó ní ìyá máa ń kọ ọ́ nígbà tó bá ń lọ ata, lójoojúmọ́, nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé.