Ìlà Tí Gíráàfù Kì Í Kàn

Olùkọ́ tó kọ́ mi ní lọ́gárídímù kì í ya gíráàfù rẹ̀ láìkọ́kọ́ fa asíńtóòtù, ìlà òró tí gíráàfù ń sún mọ́ ṣùgbọ́n tí kì í kàn. Ọgbọ́n ọwọ́ yẹn ṣì ń wù mí dòní.

Ẹ wo y = log₂(3 − x) + 1. Inú àkámọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wò, torí lọ́gárídímù kì í gba òdo, kì í sì í gba ohun tó kéré sí òdo. 3 − x gbọ́dọ̀ ju òdo lọ, nítorí náà x gbọ́dọ̀ kéré sí 3. Dòméènì nìyẹn. Á wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà níbi x = 3.

Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú x ti mú kí gíráàfù kọjú sí òsì, bí àwòrán inú dígí. Nítorí àmì yẹn, ọ̀pọ̀ wa á fa ìlà sí −3. Olùkọ́ á ní ká fi −3 rọ́pò x: àkámọ́ á di 6, lọ́gárídímù 6 sì wà. Gíráàfù ń kọjá níbẹ̀, ìlà kò lè wà níbẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ẹ̀gbẹ́ ìlà x = 3. Bí x bá jẹ́ 2, y jẹ́ 1, ní 2.5, òdo, ní 2.75, −1. Bí àlàfo tó wà láàárín x àti 3 bá ṣe ń dín sí ìdajì, bẹ́ẹ̀ ni y ń fi ọ̀kan wálẹ̀, láìlópin. Lápá òsì, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, kò sì dúró. Ìdí nìyí tí réènjì fi jẹ́ gbogbo nọ́ńbà gidi. +1 kàn gbé gíráàfù sókè ni. Kódà bí a bá fi àmì ìyọkúrò síwájú log, orí á di ìsàlẹ̀, ìlà 3 kò ní yẹ̀.