Bo Orúkọ, Má Bo Ọ̀nà

Ọ̀gá ló kọ́ mi níṣẹ́ fífi ìbòjú bo orúkọ lórí àwòrán láti fi kàwé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, nítorí òun ló ń tọ́jú yàrá òkú nílé ẹ̀kọ́ wa ní Adó-Èkìtì. Òun ló ń po fọ́málìnì, òun ló ń fi aṣọ tútù bo òkú kí ó má baà gbẹ, òun náà ló sì ń gún píìnì mọ́ ara wọn nígbà tí ìdánwò tí à ń pè ní sítípù bá kù ọ̀la. Ẹni tó bá ti ṣe sítípù rí mọ bó ṣe ń rí. Aago á dún, wàá dúró níwájú píìnì kan, wàá kọ orúkọ ohun tí píìnì náà gún, aago á tún dún, wàá sún lọ sí tábìlì kejì. Kò sí pé mò ń ronú lọ́wọ́.

Níwájú apá òsì òkú kan ni aago ti dún fún mi lọ́dún kan. Píìnì wà lára nẹ́ẹ̀fù kan lábẹ́ abíyá, níbi tí àwọn nẹ́ẹ̀fù apá ti ya ara wọn bíi lẹ́tà M. Mo mọ àwòrán ibẹ̀ nínú síláìdì olùkọ́ wa bí ẹni mọ ojú ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ M tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi ni píìnì gún. Mo kọ "ọ́línà", mo sì kọjá pẹ̀lú ìdùnnú. Kì í ṣe ọ́línà. Èyí tí orúkọ rẹ̀ gùn, tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ gé kúrú sí mọ́sìkúlò, ni. Apá ọ̀tún ni wọ́n yà sínú síláìdì wa. Apá òsì ló wà lórí tábìlì. Ọ́línà a máa wà níhà ara, mọ́sìkúlò a máa wà níhà òde, nítorí náà bí a bá pààrọ̀ apá, ẹsẹ̀ M méjèèjì á pààrọ̀ ipò lójú ẹni tó ń wò ó. Mo ti kọ́ ibi tí orúkọ wà lójú bébà. N kò tíì kọ́ ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà.

Ọ̀gá rí ojú mi nígbà tí mo jáde. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, mú síláìdì yẹn wá bá mi nílé lọ́la."

Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí àdúgbò Fájuyì. Ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì tó wà lọ́nà ni mo ti tẹ síláìdì náà jáde, ní dúdú àti funfun, nítorí owó aláwọ̀ kò sí lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ẹ. Ṣé o ti rí nẹ́ẹ̀fù tó pọ́n bí ìyeyè lórí tábìlì mi rí?" N kò rí i rí lóòótọ́. Lójú síláìdì, nẹ́ẹ̀fù a máa ní àwọ̀ ìyeyè, iṣan àlọ a máa pupa, iṣan àbọ̀ a máa jẹ́ búlúù. Lórí tábìlì, fọ́málìnì ti sọ gbogbo wọn di àwọ̀ kan náà, bí ẹran tó pẹ́ nínú omi. Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í bo orúkọ lórí àwòrán kankan láìkọ́kọ́ yọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò.

Ó mú pílásítà tí wọ́n fi ń di ojú egbò jáde, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí kékeré kan tí etí rẹ̀ ti ń dógùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fọ́málìnì bó ti wù kó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ tó. Bí mo bá gbóòórùn yẹn níbikíbi títí di òní, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

N kò ní ṣàlàyé bí a ṣe ń gba àwòrán jáde nínú síláìdì tàbí bí a ṣe ń fi ìbòjú lé e. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ ọ́n, lórí bébà tàbí lórí Anki. Ohun tó yẹ kí n sọ ni èyí tí Ọ̀gá fi wákàtí méjì kọ́ mi: ìbòjú a máa sọ̀rọ̀. Ohun tí o rò pé o bò, ó ṣeé ṣe kó máa wí ìdáhùn fún ẹ lábẹ́ aṣọ.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tó ń gbà sọ̀rọ̀ ni gígùn rẹ̀. Mo gé pílásítà tèmi kó ṣe déédéé pẹ̀lú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ mọ́sìkúlò lójú síláìdì ní lẹ́tà 16, ti ọ́línà ní 5. Ọ̀gá na ìka sí pílásítà tó gùn jù, ó ní, "Kí nìyí?" Mo dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó yí bébà náà kọjú sí ìsàlẹ̀, ó ní, "Ibo ló ti ń bọ̀? Ibo ló ń lọ?" N kò lè sọ nǹkan kan. Gígùn aṣọ ni mo kà. Ó já gbogbo pílásítà náà, ó sì gé wọn tuntun ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, ìwọ̀n orúkọ tó gùn jù lọ. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é lórí ẹ̀rọ: ìbòjú kan ni mo máa ń yà, màá dà á kọ, màá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí gbogbo orúkọ yòókù.

Ọ̀nà kejì ni aládùúgbò. Bí orúkọ márùn-ún bá wà, tí o bo ẹyọ kan, tí mẹ́rin yòókù hàn, ìyọkúrò ni o ń ṣe, kì í ṣe ìrántí. Láti ẹ̀dà 23.10 tó jáde lọ́dún 2023 ni Anki ti ní ìbòjú àwòrán nínú ara rẹ̀. Orúkọ ọ̀nà méjì tó fi síbẹ̀ ni `Hide One, Guess One` àti `Hide All, Guess One`. Ti àkọ́kọ́ ń bo ẹyọ kan tó ń béèrè. Ti èkejì ń bo gbogbo wọn, ó sì ń fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ tọ́ka sí èyí tó ń béèrè. Èkejì ni kí o mú. Ní sítípù, kò sẹ́ni tó máa kọ orúkọ mẹ́rin sílẹ̀ fún ẹ kó tó gún ìkarùn-ún.

Ṣùgbọ́n bí a bá bo gbogbo rẹ̀ lórí àwòrán tó kún jù, ojú ò ní í rí nǹkan kan mọ́. Síláìdì wa yẹn ní orúkọ 22: gbòǹgbò 5 láti ọrùn, ìtì 3, ìpín 6, okùn 3, àti ẹ̀ka ńlá 5 tó wọ apá lọ. Ọ̀gá fi àlùmọ́gàjí pín in sí mẹ́ta: gbòǹgbò àti ìtì lápá kan, ìpín àti okùn lápá kan, M àti ẹ̀ka méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá kẹta. Níbi tí ó ti gé e, ó fi díẹ̀ lára èyí tó ṣáájú sílẹ̀, kí n lè mọ ibi tí okùn ti wọlé.

Ọ̀nà kẹta ló le jù, òun ló sì ṣubú lù mí ní sítípù: ààyè. Bí o bá ti rí àwòrán kan nígbà ogún, ojú rẹ á mọ̀ pé ìbòjú òkè lọ́wọ́ òsì ni mọ́sìkúlò, bí ẹni mọ ilé nítorí àwọ̀ géètì rẹ̀. Ọ̀gá gbé bébà náà sójú fèrèsé, ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi. Ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Apá ọ̀tún ti di apá òsì. Ó béèrè ẹsẹ̀ M kan náà, mo sì tún ṣìnà.

Ìgbà náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe orí àròkọ yìí: "Bo orúkọ, má bo ọ̀nà." Ó fi orí píìnì tọ mọ́sìkúlò láti ibi tó ti ya. "Wò ó, ó gún ẹran apá, ó gba inú rẹ̀ kọjá. Òun nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Ọ́línà ò gún ẹran kankan lápá òkè. Ó ń lọ sẹ́yìn ìgúnpá, níbi tí o bá fi gbá ilẹ̀kùn tí ọwọ́ rẹ á ta ṣìn-ìn. Mídíánì ní gbòǹgbò méjì tó pàdé níwájú iṣan àlọ. Yí apá síbi tó wù ọ́, àwọn mẹ́ta yìí ò ní í yí ìwà padà."

Nítorí náà ni ìbòjú mi kì í fi í kan ìlà tó so orúkọ mọ́ ẹ̀yà ara, kì í sì í bo ibi tí nẹ́ẹ̀fù ti wọ ẹran. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń ṣe ní ẹ̀dà méjì, èyí tó wà nínú síláìdì àti èyí tí mo yí bíi ti inú dígí. Bí mo bá dárúkọ tó tọ̀nà ṣùgbọ́n tí n kò lè sọ ọ̀nà tó gbà, `Again` ni mo máa ń tẹ̀, n kì í tẹ `Good`. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwòrán lo mọ̀ tàbí ara ènìyàn, wo ẹ̀dà tó yí padà. Bí o bá lọ́ra níbẹ̀, àwòrán lo mọ̀.

Inú máa ń bí mi sí káàdì àjèjì tí àwọn àbúrò wa ń wà jáde lórí ayélujára báyìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn ló bò ó, láti inú síláìdì olùkọ́ mìíràn, pẹ̀lú orúkọ tí olùkọ́ tìẹ lè máà lò. Ìgbà tí o bá ń pinnu ohun tí o máa bò àti èyí tí o máa fi sílẹ̀ gan-an ni o ń kọ́ ọ. Ẹni tó gba ti ẹlòmíràn ti gbé ìdajì ẹ̀kọ́ náà fún ẹni yẹn. Inú ń bí mi bákan náà sí fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀yìn kíláàsì, tó ṣú, tí ìlà orúkọ ti parẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ bẹ olùkọ́ yín kó fún yín ní síláìdì fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí náà ní ibi tó mọ. Àwòrán kò ní jíjìn, nẹ́ẹ̀fù apá kì í sì í ya bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Lórí tábìlì mìíràn, o lè má rí M tó dà bíi ti síláìdì rárá. Ẹni tó mọ ọ̀nà á tọ̀ ọ́ títí yóò fi dé ẹran tó gún.

Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí Ìyìn-Èkìtì. Ní àwọn Sátidé tí mo bá ráyè, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ a máa jókòó ní Fájuyì, àwọn pẹ̀lú fóònù wọn, èmi pẹ̀lú bébà àti pílásítà. Kí ẹnikẹ́ni tó bo ohun kan, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ fi ìka tọ nẹ́ẹ̀fù tó fẹ́ bo orúkọ rẹ̀ láti ọrùn títí dé ibi tó parí sí, lára apá tirẹ̀. Kí ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ kí o tó fa ìbòjú àkọ́kọ́.