Ọjà Tó Ṣègbé Nínú Ìwé Onísọ̀

Nínú ìsọ̀ pùròfíṣàn, ọjà tó bàjẹ́, tó jẹrà tàbí tí olè gbé kì í wọ inú ìwé bí ìnáwó yòókù ṣe ń wọ̀ ọ́. Owó iná ní rìsíìtì, owó ọkọ̀ ní ẹni tó gbà á. Kò sí ẹni tó ń mú rìsíìtì wá fún mílíìkì alágolo tó dípẹtà tàbí ṣúgà tí òjò rẹ. Abẹ́ iye owó tí wọ́n fi ra ọjà tí wọ́n tà ni àdánù bẹ́ẹ̀ máa ń sápamọ́ sí, àti wíwá a jáde níbẹ̀ wà lára ohun tó dùn jù lọ nínú iṣẹ́ akáńtáǹtì, nítorí ìṣirò kékeré kan ló ń tú u fó.

Ọ̀pọ̀ onísọ̀ kì í kọ ọjà sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde. Ìgbà tí ọdún bá parí ni wọ́n ń ka ohun tó kù lórí pẹpẹ. Akáńtáǹtì á mú iye ọjà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọdún, á fi èyí tí wọ́n rà láàárín ọdún kún un, á wá yọ èyí tó kù kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ìwé ń pè ní iye owó ọjà tí wọ́n tà. Ìwé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bísíkíìtì tí oníbàárà sanwó rẹ̀ àti èyí tí eku jẹ. Ohunkóhun tí kò bá sí lórí pẹpẹ, ó gbà pé wọ́n ti tà á.

Ẹ jẹ́ ká mú ìsọ̀ kan ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọjà ₦1,200,000 ló wà níbẹ̀ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ra ọjà ₦9,600,000 kún un, nígbà tí wọ́n sì kà á lópin ọdún, ọjà ₦1,350,000 ló kù, ní iye tí wọ́n rà á. Nítorí náà, ọjà ₦9,450,000 ló ti jáde. Owó tó wọlé látinú títà jẹ́ ₦10,800,000. Bí onísọ̀ náà bá ń fi náírà méjì lé gbogbo náírà mẹ́wàá tó fi ra ọjà, ọjà tó lè mú ₦10,800,000 wọlé kò ju èyí tí wọ́n ra ní ₦9,000,000 lọ. Ọjà ₦450,000 ti lọ láìmú kọ́bọ̀ kankan wálé.

Ẹni tó bá rí iye yìí kò gbọdọ̀ yára pariwo olè. Bí wọ́n bá ta ọjà láwìn tí wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò jọ ọjà tí wọ́n jí. Èrè orí ọjà náà kì í dọ́gba: èyí tó wà lórí ṣúgà àti índómì sábà máa ń kéré sí ti ìpápánu. Èyí tó léwu jù ni ọ̀wọ́n gógó. Bí wọ́n bá ra mílíìkì ní owó àtijọ́ tí wọ́n sì tà á ní owó tuntun, èrè á pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, á sì bo àdánù mọ́lẹ̀, tí ìṣirò á fi sọ pé nǹkan kan kò sọnù. Ìdí nìyí tó fi dára kí wọ́n máa ka ọjà tó ń yára tà lóṣooṣù, dípò kí wọ́n dúró de ìparí ọdún.

Ìwé àdánù ló ń tú ₦450,000 náà sí wẹ́wẹ́. Ìwé pẹlẹbẹ kan ti tó: ọjọ́, orúkọ ọjà, iye rẹ̀, iye tí wọ́n rà á, ohun tó ṣe é, àti ọwọ́ ẹni tó rí i. Nínú ìwé ìsọ̀ yìí, ọjà tó bàjẹ́ tàbí tí ọjọ́ lílò rẹ̀ ti kọjá jẹ́ ₦130,000. Èyí tí ọmọ ìsọ̀ jí, tí wọ́n sì fi sùn, jẹ́ ₦120,000. Ilé onísọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ₦200,000 tó kù jẹ: ìrẹsì, epo, bọnbíta àwọn ọmọ. Eléyìí kì í ṣe àdánù rárá. Onísọ̀ ló mú nínú owó òwò rẹ̀, inú àkọsílẹ̀ ohun tó mú fún ara rẹ̀ ló sì yẹ kó lọ. Ibí yìí ni ìwé ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti ń wọ́, nítorí ọwọ́ tó mú un kò jọ ọwọ́ olè.

Nígbà tí wọ́n bá yọ ₦200,000 yẹn kúrò nínú ₦9,450,000, ó ku ₦9,250,000, èrè orí ọjà á sì jẹ́ ₦1,550,000. Àdánù ₦250,000 ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí onísọ̀ bá fẹ́ kó hàn gbangba, kó yọ ₦250,000 kúrò nínú iye owó ọjà tí wọ́n tà, kó sì kọ ọ́ sórí ìlà tirẹ̀ bí àdánù. Èrè kò ní yí padà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìlà tuntun láìyọ ọ́ kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Èrè á di ₦1,300,000, àdánù kan náà á sì ti jẹ onísọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé.

Ọjà tó bàjẹ́ díẹ̀ tó ṣì ṣeé tà ní ọ̀nà tirẹ̀. Páálí tòmátò tí agolo rẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n rà ní ₦20,000, tí kò sì lè mú ju ₦14,000 wá mọ́, ₦14,000 ni wọn yóò kà á sí lọ́jọ́ kíka ọjà. Àdánù ₦6,000 á bọ́ sínú ọdún tó ṣẹlẹ̀.

Owó orí ló fi hàn bí ìyàtọ̀ wọ̀nyí ṣe ṣe pàtàkì tó. Lábẹ́ òfin owó orí Nàìjíríà ti ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026, ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í san owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí òfin ka owó orí lé. Náírà 15 nínú 100 ni wọ́n ń gbà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Ká ní owó ìsọ̀, iná àti ọkọ̀ jẹ́ ₦600,000, tí kò sì sí àdínkù mìíràn. Èrè tó kù á jẹ́ ₦950,000, owó orí rẹ̀ á sì jẹ́ ₦22,500. Bí kò bá sí àdánù rárá, èrè á jẹ́ ₦1,200,000, owó orí á sì jẹ́ ₦60,000. Àdánù ₦250,000 dín owó orí kù ní ₦37,500. Onísọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ₦212,500 tó kù, nítorí náà ẹni tó ń sọ pé owó orí yóò san àdánù rẹ̀ padà ń tan ara rẹ̀. Bí ó bá fi oúnjẹ ilé rẹ̀ kún àdánù, èrè á wálẹ̀ sí ₦750,000, kò sì ní san nǹkan kan. Ibẹ̀ ni olùyẹ̀wò owó orí á ti bi í léèrè.

Ẹ̀rí ló ń gbà á nígbà yẹn: ìwé àdánù, fọ́tò ọjà tó bàjẹ́, ìwé ẹ̀sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá bí olè bá jí i. Bí ìwé kò bá sí, ìjọba ìpínlẹ̀ lágbára láti fojú díwọ̀n èrè, kì í sì í ronú kan eku nígbà tó bá ń díwọ̀n. Olè pàápàá ní ìpele. Àdánù tí ọmọ ìsọ̀ fà ní abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àdánù òwò. Ní ọdún 1925, nínú ẹjọ́ Curtis àti ilé iṣẹ́ J. & G. Oldfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ kò gbà kí wọ́n yọ owó tí ọ̀gá tó ń darí ilé iṣẹ́ náà kó lọ kúrò nínú èrè, nítorí òun ló ní agbára lórí gbogbo rẹ̀. Alájọṣe tó bá di kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ mú wà ní ipò tó jọ èyí. Bí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò bá san owó ọjà tí olè gbé, owó náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé bí owó tó wọlé, kó lè dín àdánù kù ní iye tí wọ́n san.